Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Má Baà Ní Ìdánwò Méjì ní Aago Kan: Bí Àwọ̀ Ṣe Ń Tú Àtẹ Ìdánwò

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ àtẹ ìdánwò mọ́ pátákó ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì rí i pé aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi Bàọ́lọ́jì sí, aago yẹn gan-an ni wọ́n sì fi Kẹ́mísìrì sí. Méjèèjì ló fẹ́ ṣe, ẹni tó bá sì lé eku méjì á pòfo. Olùkọ́ tó ṣe àtẹ náà á gbé Kẹ́mísìrì lọ sí ọ̀sán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á ti dé pé Kẹ́mísìrì ọ̀sán yẹn ti bọ́ lu Físíìsì òun. Olùkọ́ á tún gbé Físíìsì, ibi tó bá sì gbé e sí, ẹlòmíràn á tún ké síta níbẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ju kí a máa gbé iṣẹ́ kiri bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Ní 1967, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, D. J. A. Welsh àti M. B. Powell, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí a ṣe lè fi kíkun àwọ̀ ṣe àtẹ àkókò. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò le: ya àwòrán àwọn iṣẹ́ tó ń bá ara wọn jà, kùn wọ́n ní àwọ̀, kí o sì ka àwọ̀ tí o lò. Iye àwọ̀ ni iye ìjókòó ìdánwò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á lè sọ ohun tí olùkọ́ tó ń gbé iṣẹ́ kiri kò lè sọ láéláé: ìjókòó mélòó ló tó, àti ìdí tí ohun tó dín sí i kò fi lè tó.

Láti orí orúkọ dé orí àwòrán

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-ìwé girama kan tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtúnṣe fún àwọn tí máàkì wọn kò tó. Iṣẹ́ mẹ́jọ ló wà nílẹ̀: Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, Jọ́gíráfì, Lítíréṣọ̀, Ọrọ̀-Ajé, Ìmọ̀ Ìjọba àti Yorùbá. Nígbà tí olùkọ́ gba orúkọ tán, ó rí i pé ọ̀wọ́ méje ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín sí, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí oníkálukú fẹ́ tún ṣe:

1. Ọrọ̀-Ajé, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì
2. Ọrọ̀-Ajé, Kẹ́mísìrì, Físíìsì
3. Ọrọ̀-Ajé, Físíìsì, Jọ́gíráfì
4. Ọrọ̀-Ajé, Jọ́gíráfì, Lítíréṣọ̀
5. Ọrọ̀-Ajé, Lítíréṣọ̀, Bàọ́lọ́jì
6. Lítíréṣọ̀, Ìmọ̀ Ìjọba, Yorùbá
7. Ọrọ̀-Ajé, Ìmọ̀ Ìjọba

Mú ìwé funfun kan. Ya àmì róbótó kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, mú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì fa ìlà láàárín iṣẹ́ méjì-méjì tó bá wà nínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní á fún wa ní ìlà mẹ́ta: Ọrọ̀-Ajé sí Bàọ́lọ́jì, Ọrọ̀-Ajé sí Kẹ́mísìrì, Bàọ́lọ́jì sí Kẹ́mísìrì. Bí ìlà kan bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kì í fa òmíràn lé e. Ìbáà jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìbáà jẹ́ ogójì ọmọ, ìlà kan náà ni, nítorí kò sí bí ọmọ kan ṣoṣo yẹn náà ṣe lè jókòó sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a bá ṣe ọ̀wọ́ méjèèje tán, ìlà mẹ́rìnlá la ó ní. Àwòrán náà á mọ́ra bí a bá fi Ọrọ̀-Ajé sí àárín, tí a sì to Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, Jọ́gíráfì àti Lítíréṣọ̀ yí i ká. Ìlà máa so iṣẹ́ márùn-ún yìí pọ̀ ní òbìrí, ẹnìkínní sí ẹnìkejì, títí Lítíréṣọ̀ yóò fi padà kan Bàọ́lọ́jì. Ọrọ̀-Ajé láàárín á sì ní ìlà sí olúkúlùkù wọn. Ìmọ̀ Ìjọba àti Yorùbá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítòsí Lítíréṣọ̀: Ìmọ̀ Ìjọba ní ìlà sí Lítíréṣọ̀, Yorùbá àti Ọrọ̀-Ajé, Yorùbá ní tirẹ̀ sí Lítíréṣọ̀ àti Ìmọ̀ Ìjọba nìkan.

Irú àwòrán báyìí, tó jẹ́ àmì àti ìlà tó so wọ́n pọ̀, ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní gíráàfù. Bí àmì náà ṣe jìnnà síra tàbí bí ìlà ṣe wọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ẹni tó so mọ́ ẹni.

Àwọ̀ kan, ìjókòó kan

Òfin kan ṣoṣo ló wà: àmì méjì tí ìlà bá so pọ̀ kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ kan náà. Àwọn tí ìlà kò so pọ̀ lè pín àwọ̀ lò. Iye àwọ̀ tó kéré jù lọ tí a lè fi kun gíráàfù kan láìrú òfin yìí ni òǹkà àwọ̀ rẹ̀. Bí pupa bá dúró fún òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo iṣẹ́ tó bá gba pupa ni a ó ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sì sí ọmọ kankan tí méjì nínú wọn yóò kàn.

Orí àwòrán ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1852, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francis Guthrie ń kun àwòrán àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé àwọ̀ mẹ́rin tó kí ìpínlẹ̀ méjì tó bá pààlà má baà jọ ara wọn. Ó béèrè bóyá mẹ́rin yóò máa tó fún gbogbo àwòrán ilẹ̀. Ó di 1976 kí Kenneth Appel àti Wolfgang Haken tó fi ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdánwò kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan lè pààlà pẹ̀lú kìkì àwọn tó yí i ká, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lè bá iṣẹ́ èyíkéyìí jà. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ mẹ́sàn-án nínú ìdánwò WAEC ti so mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án mọ́ra wọn lójú ẹsẹ̀, olúkúlùkù sí olúkúlùkù. Ìjókòó mẹ́sàn-án ni òun nìkan gbà, kí a tó wo ti ẹlòmíràn.

Kíkun rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀

Ọ̀nà Welsh àti Powell rèé. Kọ́kọ́ ka ìlà tó wà lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì to wọ́n láti orí èyí tí ìlà rẹ̀ pọ̀ jù. Ní tiwa, Ọrọ̀-Ajé ní mẹ́fà, Lítíréṣọ̀ ní márùn-ún. Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, Jọ́gíráfì àti Ìmọ̀ Ìjọba ní mẹ́ta mẹ́ta. Yorùbá ní méjì. Àwọn tó dọ́gba, bí o bá ṣe fẹ́ ni o lè tò wọ́n. Èyí tí mo kà yìí la ó máa tẹ̀ lé.

Mú àwọ̀ pupa. Fún Ọrọ̀-Ajé tó wà lókè pátápátá. Wá sọ̀kalẹ̀ lórí ìwé náà, kí o sì fún ẹnikẹ́ni tí kò ní ìlà sí ẹni tó ti gba pupa. Gbogbo wọn ló ní ìlà sí Ọrọ̀-Ajé, àfi Yorùbá. Pupa parí síbẹ̀: Ọrọ̀-Ajé àti Yorùbá.

Mú àwọ̀ aró. Lítíréṣọ̀ ló kàn. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, Bàọ́lọ́jì ní ìlà sí Lítíréṣọ̀, kò lè gbà á. Kẹ́mísìrì kò ní, ó gbà á. Físíìsì kò ní ìlà sí Lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ó ní sí Kẹ́mísìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aró, nítorí náà a fò ó. Jọ́gíráfì àti Ìmọ̀ Ìjọba ní ìlà sí Lítíréṣọ̀. Aró parí: Lítíréṣọ̀ àti Kẹ́mísìrì.

Mú àwọ̀ ewé. Bàọ́lọ́jì gbà á. Físíìsì kò ní ìlà sí Bàọ́lọ́jì, ó gbà á. Jọ́gíráfì ní ìlà sí Físíìsì, a fò ó. Ìmọ̀ Ìjọba kò bá ẹnì kankan nínú wọn jà, ó gbà á. Jọ́gíráfì nìkan ló kù, òun ló gba ìyeyè.

Àwọ̀ mẹ́rin, ìjókòó mẹ́rin. Láti mọ̀ bóyá àṣìṣe ti wọ̀ ọ́, má ṣe wo àwòrán mọ́. Padà sí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì ka ọ̀wọ́ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀wọ́ kìn-ín-ní jẹ́ pupa, ewé, aró, ìkejì jẹ́ pupa, aró, ewé, báyìí títí dé ìkeje. Níbikíbi tí àwọ̀ kan bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀wọ́ kan, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, ìlà kan tí a gbàgbé láti fà ló sì sábà máa ń fà á.

Ṣé mẹ́ta kò lè tó?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró láìparí iṣẹ́. A ti rí i pé mẹ́rin ṣeé ṣe. A kò tíì fi hàn pé mẹ́ta kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé lè sọ pé ọjọ́ kan àtààbọ̀ péré ni gbọ̀ngàn yóò ṣófo, ìyẹn ìjókòó mẹ́ta. Kí ni a ó fi dá a lóhùn?

Ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń wá ni àwọn iṣẹ́ tí gbogbo wọn bá ara wọn jà. Bí a bá rí mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, àwọ̀ mẹ́rin di dandan. Ṣùgbọ́n wá a títí nínú gíráàfù wa, mẹ́ta mẹ́ta ni wàá máa rí. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan dá ẹjọ́ á ṣèlérí ìjókòó mẹ́ta fún ọ̀gá, ìlérí náà á sì já.

Wo òbìrí tó yí Ọrọ̀-Ajé ká. Ká ní àwọ̀ mẹ́ta péré la ní. Ọrọ̀-Ajé gba pupa, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú márààrún tó yí i ká tó lè gba pupa. Aró àti ewé nìkan ló kù fún wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti Bàọ́lọ́jì, fún un ní aró. Kẹ́mísìrì di ewé, Físíìsì di aró, Jọ́gíráfì di ewé, Lítíréṣọ̀ di aró. Lítíréṣọ̀ sì ní ìlà sí Bàọ́lọ́jì, aró sì ni Bàọ́lọ́jì. Bí a bá fi ewé bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ni yóò já sí. Òbìrí tí iye àmì rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ á gba àwọ̀ méjì dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje kò lè gbà á láé. Mẹ́ta ni òbìrí wa gbà, Ọrọ̀-Ajé sì gba ìkẹrin. Òǹkà àwọ̀ gíráàfù yìí ni mẹ́rin. Kò sí olùkọ́ tó lè dín in kù, bó ti wù kó já fáfá tó.

Níbi tí ọ̀nà yìí ti máa ń ṣini lọ́nà

Tító iṣẹ́ kí a tó kùn wọ́n kì í ṣe àṣà lásán. Ká ní iṣẹ́ mẹ́rin míì wà ní ìlà kan ṣoṣo: Iṣẹ́ Àgbẹ̀ so mọ́ Ìtàn, Ìtàn so mọ́ Faransé, Faransé so mọ́ Orin. Àwọ̀ méjì tó fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní pupa, tí a fún Orin náà ní pupa, tí a wá fún Ìtàn ní aró, Faransé á bá ara rẹ̀ láàárín aró àti pupa, àwọ̀ kẹta á sì di dandan. A ti fi ìjókòó kan ṣòfò nítorí pé a bẹ̀rẹ̀ láti etí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìlà wọn pọ̀, ìyẹn Ìtàn àti Faransé, méjì á tó.

Síbẹ̀, ọ̀nà Welsh àti Powell náà kò ṣèlérí pé iye tó kéré jù lọ la ó máa rí. Nínú àwọn gíráàfù kan, ó máa ń lo àwọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kò sì sí ẹni tó tíì rí ọ̀nà tó yá, tó sì ń bá òǹkà àwọ̀ gbogbo gíráàfù láìtàsé. Ní 1972, Richard Karp fi ìbéèrè yìí sínú ìṣòro 21 tó fi hàn pé líle wọn so kọ́ra: ẹni tó bá rí ọ̀nà tó yá fún ọ̀kan ti rí i fún gbogbo wọn. Bí a bá ní kí a dán gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi àwọ̀ mẹ́ta kun iṣẹ́ mẹ́jọ wò, ọ̀nà 6,561 ni. Bí iṣẹ́ náà bá di ọgbọ̀n, ó lé ní tírílíọ̀nù 205. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń ṣe é láti ìhà méjì: wọ́n á fi ọ̀nà tó yá rí iye kan tó ṣeé ṣe, wọ́n á sì wá ohun kan nínú gíráàfù tó ń fi hàn pé kò lè dín sí iye kan. Nígbà tí iye méjèèjì bá pàdé, bí tiwa ṣe pàdé ní mẹ́rin, iṣẹ́ parí.

Láti àwọ̀ dé ọjọ́

Àwọ̀ kì í sọ bí ìjókòó ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ èyí tó ṣáájú. Nínú àbájáde wa, iṣẹ́ mẹ́ta wà nínú ewé, Jọ́gíráfì sì dá wà nínú ìyeyè. Ìmọ̀ Ìjọba kò ní ìlà sí Jọ́gíráfì, nítorí náà a lè gbé e lọ bá a. Ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ní iṣẹ́ méjì méjì, gbọ̀ngàn kò sì ní kún àkúnya níbì kan kó ṣófo níbòmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá pín wọn sí ọjọ́. Bí ọjọ́ méjì bá wà, tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán, ọmọ tó ní iṣẹ́ mẹ́ta kò lè yẹ̀ ẹ́ kó má ṣe méjì ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀wọ́ keje ní méjì péré, ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣe ọ̀kan lójúmọ́. Ọrọ̀-Ajé wà nínú pupa, Ìmọ̀ Ìjọba ti wà nínú ìyeyè. Bí a bá fi pupa àti aró sí ọjọ́ kìn-ín-ní, tí a fi ewé àti ìyeyè sí ọjọ́ kejì, ara tù wọ́n. Pípàrọ̀ ọjọ́ àwọ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni a ti lè ṣàánú àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà tí gíráàfù ń fi hàn tí ojú lásán kò lè rí. Wo ìlà tó so Lítíréṣọ̀ mọ́ Bàọ́lọ́jì. Ọ̀wọ́ karùn-ún nìkan ló fà á. Bí ìlà yẹn bá kúrò, òbìrí náà já, ìjókòó mẹ́ta á sì tó: Ọrọ̀-Ajé pẹ̀lú Yorùbá, Bàọ́lọ́jì, Físíìsì àti Lítíréṣọ̀, Kẹ́mísìrì, Jọ́gíráfì àti Ìmọ̀ Ìjọba. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀wọ́ karùn-ún, ilé-ìwé lè fún un ní ìbéèrè Lítíréṣọ̀ mìíràn lọ́jọ́ mìíràn lábẹ́ ojú olùkọ́, kí gbogbo ìyókù sì parí ní ọjọ́ kan àtààbọ̀. Bó bá jẹ́ ogún ọmọ, kí wọ́n fara mọ́ ìjókòó kẹrin. Ìpinnu ọ̀gá ilé-ìwé nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó ń rà àti iye tó ń san.

Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ kan tó pẹ́ kó tó forúkọ sílẹ̀ lè fa ìlà tuntun kan tí yóò sọ mẹ́ta di mẹ́rin, tàbí tí yóò so iṣẹ́ méjì tó ti wà nínú ìjókòó kan náà. Gíráàfù kò lè pé ju ìwé orúkọ tí a fi yà á lọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọwọ́ kò ká a mọ́, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, síbẹ̀ ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ló wà nídìí rẹ̀. Ní 1996, Michael Carter, Gilbert Laporte àti Sau Yan Lee gbé àkójọ ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gidi jáde, kí àwọn onímọ̀ lè máa fi dán ọ̀nà wọn wò. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Yunifásítì Carleton ní Kánádà ní 1991: iṣẹ́ 682, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 16,000. Àwọn olùṣèwádìí ṣì ń fi àkójọ náà dánra wò títí di ìsinsìnyí.

Sí ẹ̀yin olùkọ́ tí ìwé àtẹ ìdánwò wà lọ́wọ́ yín: ẹ ti orúkọ gbígbà pa kí ẹ tó fa ìlà àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí ìjà rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ bá kùn ún tán, ẹ wá ìdí tí kò fi lè dín sí i nínú àwòrán náà, kí ẹ sì fi ìdí yẹn han ọ̀gá yín kí ó tó dá ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.